Ìparí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: èsì fún ẹni tó fẹ́ ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gíríìkì

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́, n kò ní í lọ́kàn láti máa sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ti mọ ábídí rẹ̀, mo sì ní Bíbélì tó kọ ìtumọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bo ìtumọ̀ náà, ṣe ló dà bí ẹni pé n kò kọ́ nǹkan kan rí. Kí ni kí n ṣe? Oṣù mélòó ni yóò gbà? Abẹ́òkúta ni mo wà, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́."

Bíbélì tó kọ ìtumọ̀ sábẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tì sínú àpótí. Mo lo irú rẹ̀ fún oṣù 14 gbáko ní yàrá mi ní Ìbarà, alaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, mo sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé Gíríìkì ni mò ń kà. Èmi kò mọ̀ pé ojú mi ti ń sáré lọ sí ìlà ìsàlẹ̀ kí ọkàn mi tó rí ti òkè. Èdè tí mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni mò ń kà ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ọjọ́ tí àṣírí tú ni ọjọ́ ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kan tí mo ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ wa kọ gbólóhùn mẹ́wàá sójú pátákó, ó ní kí a tú wọn. Mo ṣì rántí èkíní, n ó sì kọ ọ́ síbí pẹ̀lú lẹ́tà Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é ní kíláàsì: *tọn dulọn blẹpẹi họ adẹlfọs*. Mo mọ̀ pé *dulọn* jẹ́ ẹrú, *blẹpẹi* jẹ́ rí, *adẹlfọs* sì jẹ́ arákùnrin. Mo kọ ọ́ kíá pé "ẹrú náà rí arákùnrin náà." Irọ́ ni. Arákùnrin ló rí ẹrú. Bákan náà ni mo ṣe gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ gbogbo, mo sì gba méjì péré nínú mẹ́wàá. Nígbà tí mo lọ bá olùkọ́ náà pé kí ó ṣàlàyé ibi tí mo ti ṣìnà, èsì tó fún mi ni pé kí n padà lọ kọ́ àtẹ tó to oríṣiríṣi ìparí ọ̀rọ̀ kan sórí. Inú ń bí mi títí di òní nígbà tí mo bá rántí, nítorí mo ti kọ́ àtẹ náà sórí. *Lọgọs, lọgọn, lọgu, lọgo*: mo lè kà á láti Aké dé Lafenwa láìṣìnà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó sọ fún wa ohun tí àtẹ náà wà fún. Wọ́n ń kọ́ wa bí ẹni tí ó fún ènìyàn ní ìdì kọ́kọ́rọ́ tí kò sì fi ilẹ̀kùn kankan hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà fún, kí n sì rọra sọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi wà. Ní èdè wa, ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan. Bí mo bá ní "Adé na Òjó", Adé ló na ẹni kejì. Bí mo bá yí wọn padà, ẹjọ́ náà yí padà. Ní Gíríìkì, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ sì lè jókòó síbi tó bá wù ú. *Dulọs* ni ẹrú bí ó bá jẹ́ òun ló ń ṣe nǹkan. *Dulọn* ni bí ó bá jẹ́ pé a ṣe nǹkan sí i. Ohun tó là mí lójú gan-an ni pé àwa náà ní díẹ̀ nínú irú rẹ̀. A máa ń sọ pé "mo rí Adé", ṣùgbọ́n "Adé rí mi" ni a ń sọ, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "Adé rí mo." Bí ẹ bá gbọ́ "mi" lẹ́yìn "rí", ẹ ti mọ̀ pé èmi ni wọ́n rí. Gíríìkì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì ṣe é fún ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣíwájú rẹ̀, èyí tó sún mọ́ "náà" tiwa. Gíríìkì máa ń ka ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ, sí abo, tàbí sí èyí tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Fún ọ̀rọ̀ akọ ẹyọ kan, *họ* ni ti olùwà, *tọn* ni ti àbọ̀, *tu* ni ti ẹni tó ni nǹkan, *to* sì ni ti ẹni tí a fún ní nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí fara hàn tó ìgbà 20,000 nínú Májẹ̀mú Tuntun. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n dunjú, ẹ ti mọ ìparí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí ìró ìparí wọn sábà máa ń bára jọ. Òun ni kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́, kí ẹ má sì kọ́ ohun mìíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí àmì abẹ́ lẹ́tà tí mo fi ń kọ ọ́. Gíríìkì ní "o" méjì àti "e" méjì, ọmọ Yorùbá sì ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní nínú èyí. Ọ́míkírọ́ọ̀nù ni mo fi ọ kọ, òmégà ni mo fi o kọ. Ẹ́písílọ́ọ̀nù ni ẹ, étà ni e. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. *Lọgọn* jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí a ṣe nǹkan sí, ṣùgbọ́n *lọgon* jẹ́ ti àwọn ọ̀rọ̀ púpọ̀. *Ẹn* jẹ́ "nínú", *en* sì jẹ́ "wà" tàbí "jẹ́" ní ìgbà tó ti kọjá. Àwọn kan máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́ bí àwọn ará ilẹ̀ Gíríìsì òde òní ṣe ń pè é. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu wọn, "o" méjèèjì ti di ọ̀kan, nítorí náà *lọgọn* àti *lọgon* kò ní ìyàtọ̀ kankan ní etí mọ́. Ẹni tó fẹ́ fi ojú kàwé nílò ìpè tí yóò fi ìyàtọ̀ náà pa mọ́ sínú iyè rẹ̀. Ẹ máa kà á sókè, àmọ́ kí ẹ má fi wákàtí kankan ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń kíni.

Ẹ wá jẹ́ kí a lò ó lórí Jòhánù 1:1. Gbólóhùn mẹ́ta ni:

*ẹn arke en họ lọgọs*
*kai họ lọgọs en prọs tọn tẹọn*
*kai tẹọs en họ lọgọs*

Ẹ má wá ìtumọ̀. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ *họ* ní gbogbo ibi tó wà. Ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, *lọgọs* ló sì tẹ̀ lé e ní ìgbà gbogbo: Ọ̀rọ̀ ni olùwà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe. *En* ni, ní ìgbà mẹ́ta. Ohun tó kù ni kí ẹ wá fún níṣẹ́. Nínú gbólóhùn kejì, *tọn tẹọn* tẹ̀ lé *prọs*, ó sì ń sọ ẹni tí Ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta ni mo ti ṣubú ní ọjọ́un, nítorí *tẹọs*, Ọlọ́run, ló ṣíwájú, ojú Yorùbá mi sì sọ ọ́ di olùwà. Ṣùgbọ́n kò ní *họ*. *Lọgọs* ló ní in. Nítorí náà Ọ̀rọ̀ ni a ń sọ nípa rẹ̀, Ọlọ́run sì ni ohun tí a sọ pé ó jẹ́.

Ẹ wá ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ṣe púpọ̀ nínú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884: "Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà." Ìtò ọ̀rọ̀ Gíríìkì gan-an nìyẹn, kò sì fi ìtumọ̀ du ẹnikẹ́ni, nítorí bí a bá ní "olùkọ́ ni bàbá mi", bàbá mi ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, olùkọ́ sì ni ohun tó jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ ló ṣíwájú. Ọjọ́ tí mo rí èyí, mo jókòó sójú kan títí iná fi lọ.

Àwọn kan yóò wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà pé níwọ̀n ìgbà tí *tẹọs* kò ti ní *họ*, "ọlọ́run kan" ni kí a tú u sí. Ẹ ka ẹsẹ 6 fún wọn: wọ́n rán Jòhánù *para tẹu*, láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, kò sí "náà" níbẹ̀ rárá, kò sì sí ẹni tó tú u sí "ọlọ́run kan" níbẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn oníwàásù tó ń sọ Gíríìkì lórí pẹpẹ láìmọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi pé *dunamis*, agbára, túmọ̀ sí dáínámáìtì, èyí tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Ọdún 1867 ni Ọ̀gbẹ́ni Alfred Nobel gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ohun tó ṣe yẹn, òun ló sì lọ yá orúkọ láti inú Gíríìkì. Pọ́ọ̀lù kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́ Gíríìkì nítorí irú àlàyé yìí ti kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, iye rẹ̀ ì báà tó ọdún mẹ́wàá.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n *họ* kò ti ní ràn yín lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe akọ, wọn kì í ṣe abo, ìrísí kan náà ni wọ́n sì ní yálà olùwà ni wọ́n tàbí àbọ̀. *Tọ tẹknọn*, ọmọ náà, jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ bá rí *tọ tẹknọn blẹpẹi họ adẹlfọs*, ẹ kò ní í mọ ohun kan láti ara *tọ*. *Họ* tó wà ní ìparí ni yóò sọ fún yín pé arákùnrin ló rí ọmọ. Bí méjèèjì bá jẹ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ka gbólóhùn tó ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ti ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ ra ìwé gírámà kan tó ní ìdáhùn ní ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ̀ lé e. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ ó mọ̀ sórí, bí 300 ni àwọn tó fara hàn ní ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn nìkan sì kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ìwé náà. Ẹ kọ márùn-ún sórí páálí kéékèèké lójúmọ́, kí ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò nínú ọkọ̀. Ìwé Jòhánù Kìíní ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń padà wá lemọ́lemọ́.

Lẹ́yìn tí mo ti ìwé tó kọ ìtumọ̀ sábẹ́ mọ́ inú àpótí, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí *họ*, oṣù mẹ́jọ ló gbà mí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálaalẹ́, kí n tó ka Jòhánù Kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ gbìyànjú Jòhánù 1:14 ní alẹ́ òní: *kai họ lọgọs sarks ẹgẹnẹtọ*. *Sarks* ni ara, *ẹgẹnẹtọ* sì ni di. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun tó yẹ, kí ẹ kọ ẹni tó di nǹkan, ohun tó dà, àti ìdí tí ẹ fi mọ̀ síbí. N ó yẹ̀ ẹ́ wò.