Ẹ fi sítórì bẹ̀rẹ̀, ẹ tún bánà tò lọ́tọ̀

“Àwòrán kan ṣoṣo ni mo ní, wọ́n sì fẹ́ ẹ ní bánà, onígun mẹ́rin dọ́gba, sítórì àti pósítà gíga. Ìwọ̀n wo ni kí n lò, àyè mélòó ni kí n sì fi sílẹ̀ létí?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bánà bẹ̀rẹ̀. Bánà òkè ojú ìwé orí ìkànnì, píkísẹ́lì 1500 × 500, ni èmi kọ́kọ́ ṣe nígbà kan, obìnrin kan lápá òsì, ọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún. Nígbà tí mo fẹ́ gé sítórì jáde lára rẹ̀, gbogbo ohun tí mo rí kò fẹ̀ ju píkísẹ́lì 281 lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà àti lẹ́tà méjì péré ló wọ inú ẹ̀. Òru ọjọ́ náà ni mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sítórì, 1080 × 1920, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Orúkọ ẹni tó gbé e síta máa ń bo òkè rẹ̀, àpótí èsì sì ń bo ìsàlẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń fa ìlà kan sí 250 láti òkè, òmíràn sí 340 láti ìsàlẹ̀, kí n tó gbé ohunkóhun sí i. Ẹ wá wo ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀: onígun mẹ́rin 1080 × 1080 tó wà láàárín gbùngbùn bẹ̀rẹ̀ ní 420, ó parí ní 1500. Kò kan ìlà kankan. Ojú ènìyàn, àkọlé àti ọjọ́, inú rẹ̀ ni kí gbogbo wọn wà, kí wọ́n sì fi nǹkan bí 80 jìnnà sí etí. Àwọ̀ ẹ̀yìn nìkan ni kó wà lókè àti nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ti gé 420 kúrò lókè, 420 nísàlẹ̀, tonígun mẹ́rin ti délẹ̀ nìyẹn.

Pósítà A3, mílímítà 297 × 420, ń jáde láti ibì kan náà, torí kò ga tó sítórì tí fífẹ̀ wọn bá dọ́gba. Abẹ tó ń gé bébà ni ìṣòro tirẹ̀, ó máa ń yẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn yọ kọjá etí ní mílímítà 3 yíká, kí ọ̀rọ̀ sì wọnú ní 10. Ṣùgbọ́n 1080 máa rí bàìbàì lórí bébà. Ní àmì 300 sí ínǹṣì kan, A3 pẹ̀lú àyè gígé rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi 3579 ní fífẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fáìlì ìpilẹ̀ mi fi jẹ́ 3600 × 6400, tí mo sì ń dín in kù fún fóònù. Fọ́tò tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ náà. Fífẹ fọ́tò kékeré lójú kò ní gbà yín.

Bánà kò ṣe é gé jáde lára èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ kó ojú àti ọ̀rọ̀ kúrò lórí ara wọn, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwòrán ojú ìwé ẹni sábà máa ń bo igun òsì nísàlẹ̀, ẹ má kọ nǹkan síbẹ̀. Tí ẹ̀yìn fọ́tò kò bá fẹ̀ tó, mo máa ń mú àwọ̀ etí rẹ̀ gan-an láti fi kún un. Nínú ọ̀rọ̀, àkọlé àti ọjọ́ nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ lórí bánà.