Fọ́tò Màmá ẹni ọdún 80: ṣé fóònù ni kí n fi tún un ṣe ni, àbí kọ̀ǹpútà?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń ya fọ́tò òde àti ti ọjọ́ ìbí. Áàpù ọ̀fẹ́ orí fóònù ni mo fi ń tún ojú àwọn ènìyàn ṣe, ó sì máa ń yá. Ọ̀gá kan wá ní ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi fóònù ṣe é, pé kí n lọ ra láptọ́ọ̀pù. Fọ́tò màmá ẹni ọdún 80 kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, àwọn ọmọ wọn fẹ́ fi sínú férémù ínṣì 16 sí 20. Èwo ni kí n lò?*

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó gbé irú iṣẹ́ yìí wá ni ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Bó bá jẹ́ orí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ni, fóònù tó. Èmi náà ń fi fóònù ṣe é, nígbà míì nínú mọ́tò pàápàá, torí náà mi ò gbà pẹ̀lú ohun tí ọ̀gá yẹn sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, kọ̀ǹpútà ni mo máa fi ṣe é. Ohun méjì ló fà á: ojú àgbà ni, férémù ńlá ló sì ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ojú àgbà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gba iṣẹ́ fọ́tò bàbá kan tí wọ́n kọ pélé mẹ́ta-mẹ́ta sí lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo kánjú lọ́jọ́ náà. Mo ṣí áàpù ọ̀fẹ́ kan, mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ojú bàbá dán, mo sì fi í ránṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ wọn obìnrin pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ fi ránṣẹ́ sí wa yìí?” Mo padà wo fọ́tò náà. Pélé ti parẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dà bíi ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí ilà wọn ni ilé wọn fi mọ̀ wọ́n.

Bọ́tìnnì tó ń mú ojú dán kò mọ ìrorẹ́ yàtọ̀ sí ilà. Ohun tó ń wá kiri ni ibi tí dúdú àti ìmọ́lẹ̀ ti yí padà láàárín àyè kékeré, ìyẹn àpá, ihò ara, ìhunjọ àti ojú ilà. Gbogbo ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀ ló máa pò pọ̀ mọ́ awọ tó yí i ká, títí ojú á fi tẹ́jú. Ilà tí wọ́n ti kọ láti bí ọgọ́rin ọdún sì ti fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ tún máa ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ojú láìsọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni tó wà nínú fọ́tò. Bí ojú bá ti pupa ju àwọn yẹn lọ, áàpù ti bó o nìyẹn, bí gèlè bá sì ti bo ìdajì ọrùn, ènìyàn kì í tètè fura.

Nítorí náà, irinṣẹ́ tó ń kó gbogbo ojú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ yẹra fún, yálà orí fóònù ló wà tàbí orí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá èyí tó ń ṣiṣẹ́ síbi tí ẹ bá fọwọ́ kàn nìkan. Lórí fóònù, Snapseed tó jẹ́ ti Google ni mo fọkàn tán. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Android àti iPhone. Lọ sínú Healing, ẹ fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi dáadáa kí ẹ tó tẹ ìrorẹ́. Ìwọ̀n ibi tó ń bá ṣiṣẹ́ kì í yí lójú fóònù, torí náà bí fọ́tò bá ṣe tóbi tó níwájú yín ni ibi tí ó máa fọwọ́ kàn á ṣe kéré tó. Ẹni tí kò bá fà á tóbi á rí i pé ìrorẹ́ kan ṣoṣo lòun tẹ̀, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ní ojú ibi tó dán bí ẹyọ owó. Bí òjìji gèlè bá ṣú bo iwájú orí, Selective ni kí ẹ lò: ẹ tẹ iwájú orí náà, ẹ fi Brightness lọ sí bíi +15, kò yẹ kó kọjá +20.

Bí ẹ bá fẹ́ lo Portrait rẹ̀ kí awọ lè rọ̀ díẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí View edits, ẹ tẹ orúkọ Portrait níbẹ̀, ẹ mú àmì búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá fi ìka kun iwájú orí àti àgbọ̀n nìkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹ kò kùn á wà bó ṣe wà, pélé á sì jókòó síbi tó wà. Ọgbọ́n yìí nìkan ì bá ti gbà mí lọ́jọ́ tí mo ń sọ yẹn.

Ibi tí agbára fóònù mọ ni pé Healing ló ń yan fúnra rẹ̀ ibi tí ó ti máa bu awọ. Láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ìrorẹ́ bá wà létí gèlè, ó lè bu àwọ̀ aṣọ wá sójú. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, ó lè fa ilà gùn tàbí kó gé e sí méjì. Ẹ ò lè sọ fún un pé “apá òkè ni kí o ti mú un.” Ẹ kàn lè dá a padà, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, bóyá ó máa gbọ́.

Ti férémù ló kù. Kámẹ́rà mẹ́gápíkísẹ́lì 24 máa ń fún yín ní píkísẹ́lì 4000 ní ìbú àti 6000 ní gígùn. Bí ẹ bá gé e kó bá ínṣì 16 sí 20 mu, á ku 4000 sí 5000, ìyẹn píkísẹ́lì 250 fún ínṣì kọ̀ọ̀kan. Ó dára púpọ̀ fún títẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ Màmá bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi ránṣẹ́, ó sábà máa ń rún un wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1600 ní gígùn. Ẹ gé ìyẹn náà, kò ní ju píkísẹ́lì 67 lọ fún ínṣì kan. Lójú fóònù, méjèèjì á jọra wọn. Lára ògiri, ti kejì á rí bàìbàì, etí gèlè á sì dà bí eyín ayùn. Kò sí áàpù tàbí sọ́fítíwìà tó lè dá ohun tó ti sọnù níbẹ̀ padà gẹ́lẹ́, torí náà ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document.

Kò pọn dandan kí láptọ́ọ̀pù tí ẹ máa lò jẹ́ tuntun. Ẹ lè yá ti ọ̀rẹ́ fún ọ̀sán kan. GIMP ni kí ẹ gbé sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ ṣí fọ́tò Màmá, ẹ tẹ `Shift+Ctrl+D` kí ó dá ẹ̀dà kan sílẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́. Lórí ẹ̀dà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ á ti wáyé. Ẹ tẹ `H` fún Heal, ẹ jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì fi díẹ̀ tóbi ju àpá tí ẹ fẹ́ mú kúrò. Ẹ di `Ctrl` mú, ẹ tẹ ibi tí awọ ti dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi `Ctrl` sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ àpá náà. Ẹ̀yin lẹ yan ibi tí awọ ti wá. Bí àpá bá wà láàárín pélé kejì àti ìkẹta, ẹ mú awọ láti òkè tàbí ìsàlẹ̀ láàárín ìlà méjèèjì kan náà. Ẹ má gba orí ilà kọjá lọ mú un.

Abẹ́ ojú Màmá, tó bá wú, ẹ má mú un kúrò tán. Ẹ tún dá ẹ̀dà mìíràn sílẹ̀ lórí èyí tí ẹ ti ṣe, ẹ lo Heal níbẹ̀ títí abẹ́ ojú á fi mọ́, lẹ́yìn náà ẹ fa Opacity ẹ̀dà yẹn wálẹ̀ sí 40. Ó máa ṣẹ́ kù díẹ̀, á sì jẹ́ ojú ẹni ọdún 80 tó sùn dáadáa lóru àná.

Iwájú orí tó ń dán nítorí òógùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á kàn fi ìmọ́lẹ̀ gbogbo ojú wálẹ̀, awọ dúdú á wá di eérú. Ẹ dá ìpele tuntun sílẹ̀ láti Layer, New Layer, kí ẹ yí Mode rẹ̀ sí Darken only. Ẹ tẹ `P` fún búrọ́ọ̀ṣì, ẹ yan èyí tí etí rẹ̀ rọ̀, ẹ di `Ctrl` mú kí ẹ tẹ awọ tí kò dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láti mú àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá kun ibi tó ń dán. Ibi tó mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ tí ẹ mú lọ nìkan ni kíkùn yẹn á fọwọ́ kàn. Ihò ara àti ìhunjọ tó ṣókùnkùn jù ú lọ kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ wá fa Opacity wálẹ̀ sí bíi 25. Ẹ jẹ́ kí ó ṣì máa dán díẹ̀, torí ojú tí kò dán rárá máa ń dà bí ẹni tí wọ́n da páúdà lé lórí.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi ojú kọ̀ǹpútà sí ìmọ́lẹ̀ àárín, kí ẹ wò ó tààrà. Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú, bí ẹ bá tẹ ojú rẹ̀ sẹ́yìn jù tàbí tí ẹ fà á síwájú jù, awọ á pupa tàbí kó ṣú ju bó ṣe wà lọ. Fóònù ní tirẹ̀ máa ń mú kí àwọ̀ jinlẹ̀ jù, bí ẹ bá sì ń wò ó nínú oòrùn, ẹ ó fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fa fọ́tò náà sí 100%, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ pa àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tún ṣí i. Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí iṣẹ́ yín kí ẹ tó rí Màmá, ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ gé apá ojú nìkan, ínṣì 4 sí 6 láìyí ìwọ̀n rẹ̀ padà, kí ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé tẹ ìyẹn wò kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀.

Ohun kan tó kàn yín, torí Ìbàdàn lẹ wà, àwọn ènìyàn á sì máa wá ya fọ́tò páàsìpọ́ọ̀tì: ẹ má tún ìyẹn ṣe rárá, ì báà ṣe lórí fóònù, ì báà ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Òfin fọ́tò páàsìpọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí sọ́fítíwìà ti yí ojú padà, àpá àti ilà wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ènìyàn.

Bí iṣẹ́ férémù bá ń wọlé fún yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, ẹ ra láptọ́ọ̀pù náà, tòkunbọ̀ tó bá dáa tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ẹ máa yá a. Ní ti Màmá, ẹ gbé èyí tí ẹ máa tẹ̀ jáde láti Export As ní JPEG, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú fáìlì XCF tí GIMP fúnra rẹ̀ ń pamọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bá ní abẹ́ ojú ìyá àwọn kò rí bẹ́ẹ̀, Opacity nìkan lẹ máa yí, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.