Adrẹnalíìnì fún ọmọ kílò 14

Ẹ jọ̀ọ́, kílíníìkì wa ní Mọ́níyà, Ìbàdàn ni. Mélòó ni adrẹnalíìnì tí a máa gún fún ọmọ kílò 14 tí ẹ̀pà kò bá lára mu, tí kò lè mí dáadáa?

Mílílítà 0.14, láti inú ìgò tí wọ́n kọ 1:1000 sí lára (mílígíráàmù 1 nínú mílílítà 1). Kílò kan gba mílílítà 0.01, ẹ má kọjá 0.5 láé. Síríńjì mílílítà 1 ni kẹ́ ẹ fi fà á. Ìlà 0.14 ò sí lára ti mílílítà 5, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèèṣì fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ gún un sínú ẹran itan, láàárín, lápá òde. Kì í ṣe ìdí, kì í sì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Haidirokọ́tisóònù ò tètè ṣiṣẹ́, ẹ má torí ẹ̀ dúró. Bí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún iye kan náà gún, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá.