Májárìn inú ike ò lè di gíì, ẹ yéé yọ́ ọ

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ọ̀mù-Àrán ni mo wà. Mo rí i lórí fóònù pé téèyàn bá ti yọ́ bọ́tà, ó ti di gíì nìyẹn. Mo yọ́ bọ́tà inú ike, mo fi dín dòdò, ó ń ta sí mi lọ́wọ́, ó tún ń rùn. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Ọ̀rá ẹran wo ló dáa jù fún nǹkan dídín?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó ta ayédèrú fún ẹ. Májárìn ló wà nínú ike yẹn, òróró ọ̀pẹ tàbí ti sóyà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì po omi àti iyọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rá mílíìkì ni gíì, torí náà kò sí bó o ṣe fẹ́ yọ́ òróró ọ̀pẹ tó máa di ọ̀rá mílíìkì, àwọn tó ń kọ́ yín lórí fóònù yìí ń ba owó yín jẹ́, ó sì ń bí mi nínú torí wọ́n ń tà á fáwọn èèyàn nínú ìgò pé gíì ni. Omi inú májárìn yẹn ló ń ta sí ẹ lọ́wọ́, tó bá ti kan ọ̀rá gbígbóná ó máa bẹ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ṣe fún búrẹ́dì nìkan, omi inú wọn pọ̀ gan-an. Ká ní o sì jẹ́ kí omi yẹn gbẹ tán, òróró lásán ló máa ṣẹ́kù, tó o fowó gọbọi rà.

Bọ́tà gidi, inú mílíìkì ló ti ń jáde. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa n'Ílọrin mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, wọ́n á da mílíìkì tó ti kan sínú akèrègbè, wọ́n á máa mì í títí ọ̀rá á fi kóra jọ sókè. Tí wọ́n bá wá se ọ̀rá yẹn lórí iná, mánṣánù nìyẹn, òun náà sì ni gíì.

Tó o bá fẹ́ ṣe é nílé, ra bọ́tà gidi tí kò níyọ̀, ká ní gíráàmù 250. Gbé e sínú ìkòkò tídìí ẹ̀ nípọn, iná kékeré, má dé e. Ó máa hó, fóòmù funfun á bò ó, wàá máa gbọ́ tó ń ta pàpà, omi ló ń jáde lọ yẹn. Nígbà tí ariwo yẹn bá rọlẹ̀, tẹ́tí sí i o, kó o sì máa wo ìsàlẹ̀: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mílíìkì á ti máa pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀, tó o bá dúró díẹ̀ sí i ó ti jóná nìyẹn. Fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò tó gbẹ, wàá rí nǹkan bíi gíráàmù 200.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí bọ́tà ṣeé fi dín nǹkan. Dòdò fẹ́ ooru bíi 170 sí 180 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, bọ́tà á sì ti máa rú èéfín ní nǹkan bí 150. Gíì tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa lè dé nǹkan bí 250.

Nínú ọ̀rá ẹran, ti màlúù ló dáa jù fún dídín, pàápàá èyí tó yí kíndìnrín ká, ó funfun, ó le. Sọ fún alápatà kó gé e fún ẹ, gé e wẹ́wẹ́, fi omi díẹ̀ sí i, yọ́ ọ lórí iná kékeré títí omi á fi gbẹ tí èyí tó kù á pọ́n, kó o wá sẹ́ ẹ. Jẹ nǹkan tó o bá fi dín ní gbígbóná, torí tó bá tutù á dì mọ́ ọ lẹ́nu. Ọ̀rá àgùntàn náà ń dín nǹkan àmọ́ òórùn ẹ̀ máa ń wọnú oúnjẹ. Ọ̀rá adìyẹ rọ̀, ẹyin ni kó o fi dín. Ti ẹlẹ́dẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa fáwọn tó ń jẹ ẹ́.

Gbogbo ọ̀rá ẹran yìí àti gíì lè mú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lọ sókè, torí náà ẹni tó bá ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà yín kẹ́ ẹ tó máa jẹ ẹ́ déédéé, mi ò lè dá ìyẹn sọ fún yín látibí. Ẹni tí mílíìkì ò bá lára mu, kó ṣọ́ra fún gíì náà, torí sísẹ́ kì í mú gbogbo ẹ̀ kúrò.

Májárìn tó ṣẹ́kù nínú ike ẹ, fi pa búrẹ́dì tàbí kó o fi po kéèkì. Èyí tó o ti yọ́ tó sì ti ń rùn yẹn, dà á nù.