Fọlákẹ́ wà nínú fáìlì, kọ̀ǹpútà ní kò sí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, fóònù ni mo fi kọ apá kan nínú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ló fi kọ̀ǹpútà kọ ìyókù. Tí mo bá wá Fọlákẹ́, àwọn kan á jáde, àwọn kan ò ní jáde, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni gbogbo wọn jọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ mú kí àwọn lẹ́tà náà tóbi sí i lójú yín, kí ẹ wo abẹ́ ọ àti ẹ. Ó dá mi lójú pé ẹ máa rí tótò lábẹ́ àwọn kan, ìlà kékeré lábẹ́ àwọn mìíràn: ọ àti o̩. Tí a bá ń fi ọwọ́ kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá wa wí, èyí tó bá wu kálukú ló ń fà. Kọ̀ǹpútà ò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ọ tó ní tótò ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1ECD. Ti ẹ jẹ́ 1EB9, ti ṣ sì jẹ́ 1E63. Èyí tó ní ìlà kò ní irú rẹ̀: o lásán ni, tí wọ́n fi ìlà, 0329, tẹ̀ lé e.

Ẹ da orúkọ kan tó ń sá pamọ́ kọ sínú Word. Ẹ fi kọ́sọ̀ sí ẹ̀yìn ọ gan-an, kí ẹ tẹ Alt+X. Tó bá di F1ECD, tótò ni. F iwájú yẹn, ti orúkọ ni. Tí ẹ bá rí Fo0329, ìlà ni. Ctrl+Z ni kí ẹ fi dá a padà. Ẹ má tẹ Alt+X lẹ́ẹ̀kejì o, nítorí A sí F jẹ́ nọ́ńbà lójú Word, á ka F mọ́ 1ECD, nǹkan mìíràn á sì jáde.

Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ tọ́jú ẹ̀dà fáìlì náà. Ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ fi o̩ sí Find what, ọ sí Replace with. Ẹ ṣe e̩ àti s̩ bákan náà, àti lẹ́tà ńlá wọn, kí Match case wà ní títàn. Àwọn kan ṣì lè ṣẹ́ kù: ẹni tó kọ́kọ́ tẹ é kó tó fi ìlà sí i ti kọ é̩, e̩ tí ẹ wá kò ní bá a pàdé. Ẹ fi ẹ́ rọ́pò òun náà lọ́tọ̀, kí ẹ ṣe ti ó̩, è̩ àti ò̩ bẹ́ẹ̀.

Láti ìsinsìnyí, tótò nìkan ni kí gbogbo yín máa lò. Lórí Gboard, ẹ wọ Languages, Add keyboard, kí ẹ mú Yoruba. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, Time & language, Language & region, Add a language. Win+Space lẹ ó fi máa pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Win+Ctrl+O á sì gbé àwòrán rẹ̀ wá síwájú yín kí ẹ lè rí ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ kọ Fọlákẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ fi Alt+X yẹ ọ rẹ̀ wò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tó kàn.