Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ló ń lé òǹwòran

“Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ fídíò, ẹ jọ̀wọ́, àwọn ènìyàn ń tètè kúrò nínú àwọn fídíò mi lórí YouTube. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ tí mo ń lò ni kò dára, nígbà tí nọ́ńbà fídíò kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra?”

Nọ́ńbà tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ sáré wò ni èyí tí YouTube Studio ń fi hàn lábẹ́ Audience retention, tí ó ń sọ iye ènìyàn nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ṣì ń wo fídíò nígbà tí aago rẹ̀ dé 0:30. Ó wúlò, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti dá ẹjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, nítorí pé oríṣi ènìyàn méjì ni ó kó pọ̀: àwọn tí ó wọlé tí wọ́n rí i lójú ẹsẹ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tí àwọn ń wá, tí wọ́n sì jáde kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kan tán, àti àwọn tí ó gbọ́ ohun tí ẹ sọ, tí kò sì dá wọn dúró. Àkọlé àti àwòrán ojú fídíò ni ó mú àwọn ti àkọ́kọ́ wá. Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn tiwọn.

Nítorí náà, ibi méjì ni èmi máa ń kà lórí ìlà tí Studio ń yà láti fi hàn bí iye àwọn tí ó ṣì ń wo fídíò ṣe ń dín kù, 0:05 àti 0:30, fún fídíò mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí gígùn wọn kò jìnnà síra, tí iṣẹ́ inú wọn sì jọra. Mo wá fi nọ́ńbà ti 0:05 pín nọ́ńbà ti 0:30. Ohun tí ó bá jáde ni ìpín àwọn tí ó dúró nínú àwọn tí ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ní ti gidi. Aago ni kí ẹ máa wò, ẹ má ṣe wo bí ìlà náà ṣe rí lójú, torí pé Studio a máa na fídíò ìṣẹ́jú 3 àti ti ìṣẹ́jú 20 dé ìwọ̀n kan náà lórí ojú ẹ̀rọ, tí ìṣubú kan náà yóò fi dà bí ògiri lórí èyí tí ó gùn, tí yóò sì máa rọra lọ sílẹ̀ lórí èyí tí ó kúrú.

Mo máa ń ṣe fídíò lórí títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́rin nínú wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bí ìṣẹ́jú 8. Nínú fídíò kìíní, 88 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà ní 0:05, ó sì ku 66 ní 0:30, èyí tí ó jẹ́ 0.75. Nínú èkejì, 70 ni ó wà ní 0:05, ó ku 58, èyí tí ó jẹ́ 0.83. Ẹ̀kẹta ní 86, ó bọ́ sí 52, ìyẹn 0.60. Ẹ̀kẹrin ní 89, ó bọ́ sí 67, ìyẹn 0.75.

Ẹni tí ó bá wo 0:30 nìkan yóò sọ pé èkejì àti ẹ̀kẹta ni kò dára, yóò sì tún ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fídíò kejì dúró ju ti èyíkéyìí lọ. Àwòrán ojú rẹ̀ ni ó ń tan ènìyàn: ẹ̀rọ tuntun tí ó ń lo iná ni ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo ń tú palẹ̀ nínú fídíò. Mo pààrọ̀ àwòrán náà, mi ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú fídíò rárá, mo sì yan ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé ìpààrọ̀ náà nìkan nínú Studio. Nọ́ńbà 0:05 gun òkè dé 83, ti 0:30 sì di 69. Ẹ pín in, 0.83 náà ni.

Ti ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rẹ̀ ti jẹ̀bi, ìlà náà sì fi ibi tí ẹ̀bi wà hàn. Láti 0:08 sí 0:14 ni ó ti já bọ́ jù, ibẹ̀ gan-an sì ni àmì ikànnì mi ti ń yí lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú orin. Ní gbogbo ìgbà tí ìṣubú bá ti ga ju ti àyíká rẹ̀ lọ báyìí, ẹ tẹ fídíò láti ibẹ̀, kí ẹ gbọ́ gbólóhùn tí ó wà níbẹ̀ fúnra yín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà pé nọ́ńbà kan kéré ju òmíràn lọ, ẹ bi í ní iye ènìyàn tí ó wò ó. Ìṣirò tí mo ń lò kò le: ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ lè sọ di púpọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀ kí ó fi tó iye ìwò, kí ẹ sì fi pín 100. Bí ìwò bá jẹ́ 100, nọ́ńbà yín lè fi 10 sókè tàbí sísàlẹ̀ láìní ìdí kankan. Bí ó bá jẹ́ 400, 5 ni. Bí ó bá jẹ́ 2,500, 2 péré. Bí ẹ bá sì ń fi fídíò méjì wé ara wọn, àṣìṣe méjèèjì ni ó wà nínú ìyàtọ̀ náà. Ìyàtọ̀ 6 láàárín fídíò méjì tí ènìyàn 150 wò kò sọ ohunkóhun.

Ó ku ẹ̀kẹrin, òun ni ó sì lè tan ènìyàn jẹ jù, torí pé 0.75 dọ́gba pẹ̀lú ti kìíní. Mo la àwọn òǹwòran rẹ̀ sí méjì, àwọn tí ó ti ṣe alábàápín ikànnì àti àwọn tí kò ṣe. Mẹ́rin nínú márùn-ún jẹ́ alábàápín, 72 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì wà ní 0:30. Nínú àwọn tí kì í ṣe alábàápín, 49 péré ni, nígbà tí fídíò kìíní dá 64 nínú irú wọn dúró. Alábàápín ti mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, yóò fara da ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dùn nítorí ohun tí ó mọ̀ pé yóò tẹ̀ lé e. Lára àwọn àjèjì ni a ti ń dán ìbẹ̀rẹ̀ wò. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà àwọn tí kì í ṣe alábàápín ni mo ń fi ṣe ìpín mi, mo sì ń mú iye ọjọ́ kan náà lẹ́yìn ìgbéjáde fún fídíò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn alábàápín sábà máa ń kọ́kọ́ dé, àwọn àjèjì a sì máa tẹ̀ lé wọn.

Studio náà yóò fi ìlà tí ó ń pè ní Typical hàn yín, tí ó fi àwọn fídíò yín aláìpẹ́ tí gígùn wọn jọra ṣe. Mi ò gbára lé e fún ọ̀ràn yìí. Bí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo fídíò yín kò bá dára, kò sí bí Typical yóò ṣe dára, èyíkéyìí nínú wọn yóò sì máa dà bí ẹni pé ó ṣe dáadáa.

Ẹ tún yẹ ibì kan wò, láàárín 1:00 àti 2:00. Bí ìpín 0:30 bá ga ṣùgbọ́n tí ìlà já bọ́ gan-an níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ yín ti ṣèlérí ohun tí fídíò kò tètè mú wá, tàbí tí kò sí nínú rẹ̀. Nínú irú èyí, ẹ gbé ìdáhùn náà súnmọ́ iwájú kí ẹ tó pa ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ dà.