Sítẹ́ẹ̀pù mi kò sún ní oṣù Ṣẹrẹ: ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, ìpele 8 ni mo wà. Sítẹ́ẹ̀pù 6 ló wà nínú ìwé owó oṣù mi ní oṣù Ọ̀pẹ. Nígbà tí ti oṣù Ṣẹrẹ jáde, 6 náà ni mo tún bá níbẹ̀. Ẹnìkan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, tí òun náà wà ní 8 sítẹ́ẹ̀pù 6, gba ìgbéga bọ́ sí ìpele 9, àmọ́ sítẹ́ẹ̀pù rẹ̀ já wálẹ̀ sí 3. Ṣé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni, àbí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti ẹnìkejì yín, torí pé kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Tiyín ló fẹ́ àyẹ̀wò.

Tábìlì owó oṣù tí ẹ̀yin méjèèjì wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CONPSS. Láti ọdún 2007 ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń gba owó lórí rẹ̀. Ìpele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 17, àmọ́ kò sí 11 nínú rẹ̀. Láti 10 ni òṣìṣẹ́ ti ń fò bọ́ sí 12. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní sítẹ́ẹ̀pù tirẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ń gùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún; ìyẹn ni àfikún ọdọọdún. Láti 1 dé 10, sítẹ́ẹ̀pù 15 ló wà. Láti 12 dé 14, 11 ni. Láti 15 dé 17, 9 péré ni.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé àwọn ìpele yìí wọnú ara wọn. Ìparí ìpele 8 ga ju ìbẹ̀rẹ̀ ìpele 9 lọ. Ẹ wò ó bí àkàbà méjì tí wọ́n fi ti ara ògiri kan náà, tí ìkejì dúró lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀: igi kẹta lórí ìkejì lè ga ju igi kẹfà lórí èkíní. Nítorí náà a kì í fi nọ́ńbà sítẹ́ẹ̀pù ìpele kan wé ti òmíràn. Owó tó wà nídìí nọ́ńbà náà la fi ń wéra.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Mo fẹ́ kó rọrùn láti kà, nítorí náà èmi ni mo dá àwọn iye wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹ má wá wọn nínú tábìlì. Ká ní ìpele 8 bẹ̀rẹ̀ ní 900,000 náírà lọ́dún, tí sítẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan sì ń fi 30,000 kún un. Sítẹ́ẹ̀pù 6 yóò jẹ́ 1,050,000. Ká ní ìpele 9 bẹ̀rẹ̀ ní 1,015,000, tí sítẹ́ẹ̀pù kọ̀ọ̀kan ibẹ̀ sì jẹ́ 35,000. Sítẹ́ẹ̀pù 2 ibẹ̀ yóò jẹ́ 1,050,000 gééré, iye tí ẹnìkejì yín ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìgbéga kò gbọdọ̀ fi èèyàn sí ojú kan náà, ká má tilẹ̀ sọ pé kó dín owó rẹ̀ kù, nítorí náà sítẹ́ẹ̀pù 3 ni wọn yóò gbé e sí, ìyẹn 1,085,000. Nọ́ńbà já wálẹ̀ láti 6 sí 3, owó sì gòkè pẹ̀lú 35,000 lọ́dún.

Ẹ lè ní, ṣé 35,000 lọ́dún náà ni gbogbo ariwo ìgbéga? Lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé, bẹ́ẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè rẹ̀ wà níwájú. Láti ìsinsìnyí lọ, 35,000 ni yóò máa kún owó rẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe 30,000 mọ́. Òkè ibi tó lè dé náà sì ti yàtọ̀: nínú àpẹẹrẹ wa yìí, ìpele 8 parí sí 1,320,000, ìpele 9 sì parí sí 1,505,000. Ẹni tó bá dé sítẹ́ẹ̀pù tó kẹ́yìn nínú ìpele rẹ̀ kò ní àfikún ọdọọdún mọ́ àyàfi tó bá gba ìgbéga. Àwọn ọ̀gá tó wà ní ìpele 14 ló mọ ìyà yìí jù, torí sítẹ́ẹ̀pù 11 péré ni wọ́n ní, ìgbéga sí 15 sì gbọ́dọ̀ bá àyè tó ṣófo pàdé kó tó lè ṣẹ. Ẹ lè yege nínú ìdánwò, kí àyè má sí.

Ó wá ku tiyín. Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹrẹ ni ọjọ́ àfikún fún gbogbo òṣìṣẹ́, ìgbà yòówù kí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Ohun tí òfin iṣẹ́ ìjọba béèrè ni pé kí èèyàn ti lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán nínú ìpele tó wà kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹni tí wọ́n gbà ní oṣù Ọwàrà kò ní rí àfikún ní oṣù Ṣẹrẹ tó tẹ̀lé e. Yóò dúró de ti ọdún kejì. Ẹ̀yin ti dé sítẹ́ẹ̀pù 6, nítorí náà mo gbà pé ẹ ti pẹ́ nínú ìpele 8 ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ kò sì tíì dé 15. Ìdí méjèèjì yẹn kúrò ńlẹ̀.

Ìdí kẹta ni ìbáwí. Àfikún ọdọọdún kì í ṣe ẹ̀bùn tí kò ṣeé dá dúró. Ìjọba lè dá a dúró tàbí kó sún un síwájú gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Àmọ́ wọn kì í ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Lẹ́tà ìbéèrè ẹ̀sùn yóò ti kọ́kọ́ dé ọwọ́ yín, ẹ ó fèsì, ìpinnu yóò sì jáde lórí ìwé. Tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò bá dé ọwọ́ yín rí, kì í ṣe ìbáwí. Ẹ tún ro ó bóyá ẹ gba ìsinmi tí kò ní owó oṣù nínú lọ́dún tó kọjá, bí irú èyí tí àwọn kan ń gbà láti lọ kàwé. Ìyẹn náà lè kó bá àfikún.

Tí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, a jẹ́ pé àkọsílẹ̀ yín lórí IPPIS, ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, ni wọn kò tíì tún ṣe, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ṣi ọjọ́ ìgbéga yín tó kẹ́yìn kọ sínú rẹ̀, tàbí tí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kò fi orúkọ yín ránṣẹ́ pẹ̀lú ti àwọn yòókù, sítẹ́ẹ̀pù kò ní sún.

Kí ẹ tó bínú jáde, ẹ wo ìwé owó oṣù náà dáadáa. Àwọn kan máa ń wo iye tó wọ báńkì nìkan, wọ́n á ní kò sí àfikún, bẹ́ẹ̀ sítẹ́ẹ̀pù ti sún. 30,000 lọ́dún jẹ́ 2,500 lóṣù. Tí ẹ bá yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹ yọ ti àpò owó ilé gbígbé NHF, tí owó orí náà sì mú tirẹ̀, ohun tó kù lè má pé 2,000. Iye tó wọ báńkì kò sì lè sọ ibi tí àṣìṣe wà. Nọ́ńbà tó wà níwájú ìpele àti sítẹ́ẹ̀pù ni kí ẹ máa wò, pẹ̀lú àpapọ̀ owó kí wọ́n tó yọ ohunkóhun.

Ẹ̀yin ti wo nọ́ńbà, ẹ sì ti rí i pé kò sún. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí ọ̀gá àgbà ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kí ó gba ọwọ́ ọ̀gá yín kọjá. Ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga tó kẹ́yìn, àti ìwé owó oṣù Ọ̀pẹ àti ti Ṣẹrẹ mọ́ ọn. Ẹ má kọ ìtàn gígùn. Ẹ kàn sọ pé ìpele 8 sítẹ́ẹ̀pù 6 lẹ wà, pé 7 ló yẹ kó jẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹrẹ, kí ẹ sì béèrè àtúnṣe àti ajẹsílẹ̀. Ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ yóò kọ ìwé àyípadà owó oṣù, àwọn olùyẹ̀wò owó yóò wò ó, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi nǹkan sínú IPPIS. Ibi àyẹ̀wò yìí ni ìwé máa ń sùn sí jù, nítorí náà ẹ má dúró sílé kí ẹ máa retí. Ẹ máa béèrè ọ́fíìsì tí ìwé náà wà.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ni pé sítẹ́ẹ̀pù tí wọn kò bá fún yín kì í fúnra rẹ̀ padà wá. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n lè sún yín láti 6 sí 7, inú yín á dùn, bẹ́ẹ̀ 8 ló yẹ kí ẹ wà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nínú àpẹẹrẹ wa, 2,500 lọ́nà oṣù 36 jẹ́ 90,000 náírà. Owó ìfẹ̀yìntì tún wà níbẹ̀: ẹ̀yin ń dá ìdá mẹ́jọ, ìjọba ń dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà 16,200 ni kò wọ inú àpò ìfẹ̀yìntì yín. Tí ìgbéga bá sì bá yín lórí sítẹ́ẹ̀pù tí kò tọ́, ibi tí wọn yóò gbé yín sí nínú ìpele 9 náà lè rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìpele 7 dé 14, ọdún mẹ́ta ni èèyàn ń lò ó kéré tán kó tó lè wọlé fún ìgbéga, nítorí náà ẹ tún un ṣe kí àkókò yín tó pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfikún owó oṣù tó kéré jùlọ ti rọ́pò sítẹ́ẹ̀pù yín. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jùlọ kúrò ní 18,000 bọ́ sí 30,000 lọ́dún 2019, tí ó sì bọ́ sí 70,000 lọ́dún 2024, tábìlì fúnra rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Ẹni tó wà ní 8 sítẹ́ẹ̀pù 4 ṣì wà ní 8 sítẹ́ẹ̀pù 4. Iye tó wà nídìí rẹ̀ ló yí. Àfikún irú èyí kì í sì í bá gbogbo ìpele dọ́gba. Ní 2019, àdéhùn ìjọba àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún CONPSS jẹ́ ìdá 23.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpele 7, 20 fún ìpele 8, 19 fún 9, 16 fún 10 sí 14, àti 14 fún 15 sí 17. Bí ìpele ṣe ń ga ni ìdá ń dín, ìyẹn ló fi jẹ́ pé, tí a bá fi ìdá wò ó, àlàfo láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ń kéré sí i lẹ́yìn irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ìráhùn àwọn ọ̀gá lórí èyí kì í ṣe ìlara, ìṣirò ni.

Tí ẹ bá ń wá tábìlì láti fi yẹ ara yín wò, ẹ rí i pé ti CONPSS ni, àti pé èyí tó wà lóde báyìí ni. Nọ́ọ̀sì wà lórí CONHESS, dókítà wà lórí CONMESS, iye ibẹ̀ kò sì bá tiyín mu. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà ní tábìlì tirẹ̀. Èkó, fún àpẹẹrẹ, gbé owó tó kéré jùlọ sí 85,000 lọ́dún 2024. Tí ẹ bá wá rí i, nígbà tí ẹ bá ń wo ìwé yín, pé sítẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi yín sí ga ju èyí tó tọ́ sí yín lọ, ẹ kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà. Wọn yóò gba owó náà padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i, ó sì sàn kí ó jẹ́ ti oṣù méjì ju kí ó jẹ́ ti ọdún márùn-ún lọ.